Ọmọ SS tí kò ga, tí kò sì tíì bàlágà: bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó kàn ń pẹ́ àti èyí tó ń fẹ́ ìtọ́jú

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá tí jínótáìpù ọmọ wọn jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kì í fẹ́ béèrè níwájú ọmọ. Wọn á rán ọmọ jáde lọ ra omi, wọn á wá sún mọ́ nọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àbúrò rẹ̀ ti ga jù ú lọ o. Ó ti pé ọdún 14, kò sí irun, ohùn ò yí padà, kò sí nǹkan kan. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?"

Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àwọn ọmọ SS máa ń pẹ́ kí wọ́n tó bàlágà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Àárín àwọn tó kàn ń pẹ́ yìí ni àwọn mìíràn ń fara pamọ́ sí, àwọn tí nǹkan mìíràn ń dá dúró, tí gbogbo ènìyàn sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru fòníkú-fọ̀ladìde títí ọdún fi ń gorí ọdún. Ohun tí ẹ fi máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò wọ́n: ògiri tó gún régé, pẹ́ńsù, ìwé kékeré kan, àti sùúrù láti wọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo kọ èyí fún òbí tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún 9 sí 16, yálà ẹ wà nínú ìgboro Ìlọrin tàbí lọ́hùn-ún ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ajàṣẹ́-Ìpó.

Kí ló ń dá ara dúró?

Ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó kú. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Nítorí náà, mùdùnmúdùn egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò ní ìsinmi, ó ní láti máa rọ́pò èyí tó ń kú tọ̀sán-tòru. Ọkàn náà ń sáré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kiri kò pọ̀ tó. Gbogbo iṣẹ́ yìí ń jẹ oúnjẹ. Bí ọmọ náà tilẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò ṣe nǹkan kan, ohun tí ara rẹ̀ ń jó ju ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ bákan náà lọ. Ẹ tún wá fi àwọn ọjọ́ tí ìrora dé kún un, tí kò lè gbé òkèlè kan mì, àti àwọn ọjọ́ ibà.

Ara ní bó ṣe ń ná ohun tó ní. Ẹ̀mí ló kọ́kọ́ ń bójú tó, ohun tó bá kù ló ń fi ga, ìgbà tó bá sì rí i pé nǹkan ti tó díẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ìbàlágà bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ ìbàlágà ń ti inú ọpọlọ wá, ọpọlọ kì í sì í yára pa á nígbà tí ara bá ṣì rù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS fi kọ́kọ́ máa ń rẹ̀yìn nínú ìwọ̀n kílò, lẹ́yìn náà nínú gíga, lẹ́yìn náà nínú ìbàlágà. Nígbà tí wọ́n bí i, kílò rẹ̀ pé bíi ti ọmọ mìíràn, torí irú ẹ̀jẹ̀ tó gbé ti inú ìyá wá ṣì ń dáàbò bò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan sí méjì ni ìyàtọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ó sì máa ń hàn jù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gíga lójijì.

Síǹkì náà wà níbẹ̀. Kíndìnrín ọmọ SS máa ń da síǹkì nù sínú ìtọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ síǹkì ni ara ń lò láti fi gùn àti láti fi mú kóró ẹpọ̀n ọkùnrin dàgbà. Màá padà sórí ìyẹn níbi oúnjẹ.

Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ níbí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ SS ń fi nǹkan bí ọdún kan sí méjì pẹ́ ju ẹgbẹ́ wọn lọ kí wọ́n tó bàlágà, àwọn kan sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Torí pé wọ́n pẹ́, egungun wọn ò tètè dì. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn bá ti dúró, àwọn ṣì ń ga. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ga débi tí àgbàlagbà ìdílé wọn ga dé. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn, bíi ti kíndìnrín, ti ọkàn, tàbí asímà tó le, ń dá ọmọ dúró lọ́nà kan náà, ẹ sì lè lo ọ̀nà ìwọ̀n tó ń bọ̀ yìí fún wọn.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri

Ẹ wá ògiri tí kò yọ síta nísàlẹ̀, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì. Kí ọmọ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin tó dirun, ẹ rí i pé ìdì irun ò gorí àtàrí, torí ṣùkú lásán lè fi sẹ̀ntímítà mẹ́ta purọ́ fún yín. Kí gìgísẹ̀ rẹ̀, ìdí rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ kan ògiri, kó wo iwájú gan-an, kó má gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ gbé ìwé líle kan lé e lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà lẹ̀ mọ́ ògiri, kó sì tẹ irun mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìsàlẹ̀ ìwé náà kan.

Téépù káfíńtà onírin ni kí ẹ fi wọn ún láti ilẹ̀ dé ibi àmì. Téépù télọ̀ máa ń nà bó bá ti gbó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kúrò, kó tún padà dúró, kí ẹ wọn ún lẹ́ẹ̀kejì. Tí méjèèjì bá fi ju ìdajì sẹ̀ntímítà yàtọ̀ síra, ẹ wọn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Àárọ̀ ló dára jù, torí ènìyàn máa ń kúrú díẹ̀ tó bá fi máa dalẹ́. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ náà ni kí ẹ máa lò títí lọ.

Ẹ má ṣe wọn gíga lóṣooṣù. Èyí tí ọmọ ń ga lóṣù kan kéré sí àṣìṣe tí ọwọ́ yín lè ṣe nígbà tí ẹ ń wọn ún, nítorí náà oṣooṣù ló máa kó ìdààmú bá yín. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà tó. Kílò ni kí ẹ máa wọ̀n lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lórí òṣùwọ̀n kan náà, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìrora ni, kílò rẹ̀ á ti wálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí ọdún kan bá pé, ẹ yọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò nínú èyí tó kẹ́yìn. Ọmọ tí kò tíì bàlágà sábà máa ń ga sẹ̀ntímítà 5 sí 6 lọ́dún. Díẹ̀ kí ìbàlágà tó dé, ó lè rọlẹ̀ sí nǹkan bí 4 sí 5, pàápàá lára ẹni tó ń pẹ́, ìyẹn kò sì burú. Èyí tí kò bá tó 4 láàárín ọdún kan gbáko ni ẹ ò gbọdọ̀ fi sùn. Mo fẹ́ kí ẹ di èyí mú ju gbogbo ohun mìíràn lọ: bí ọmọ ṣe kúrú tó kò ṣe pàtàkì tó iye tó fi ń ga lọ́dún. Ọmọ tó kúrú, tó sì ń rìn lójú ọ̀nà tirẹ̀, ń bọ̀. Èyí tó ti dúró ló yẹ kí ẹ̀rù bà yín fún, bó tilẹ̀ ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Àmì tí ó kọ́kọ́ ń yọ

Àgbọ̀n àti ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ òbí ń wò lára ọmọkùnrin, wọ́n ń retí irùngbọ̀n àti ohùn ńlá. Ìyẹn wà lára ohun tó ń gbẹ̀yìn. Ohun àkọ́kọ́ tó ń yí padà ni kóró ẹpọ̀n, tó máa ń tóbi, tí awọ àpò rẹ̀ sì ń di fẹ́lẹ́, tó ń dúdú sí i. Tí gígùn kóró kan bá ti ju sẹ̀ntímítà 2.5 lọ, ìbàlágà ti bẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí irun kankan. Nílé ìwòsàn, okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń wọn ún, tí wọ́n kọ mílílítà sára ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mílílítà 4 ni ibi tí ìbàlágà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè wò ó nílé, a ò ní kí màmá máa ṣí ọmọ ọdún 14 wò. Yíyọ gíga lójijì ti ọkùnrin tún ń pẹ́ lẹ́yìn àmì yìí, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Lára obìnrin, kókó ọyàn ló ń kọ́kọ́ yọ. Ó máa ń le lábẹ́ orí ọyàn, ó lè jẹ́ apá kan ṣoṣo fún oṣù bíi mélòó kan, ó sì lè máa dùn ún. Kì í ṣe eéwo, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Nǹkan oṣù sábà ń dé ní ọdún méjì sí méjì àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gíga ti obìnrin kì í dúró de nǹkan oṣù. Ó ti máa ń yọ jù kí nǹkan oṣù tó dé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì kù lẹ́yìn rẹ̀.

Ààlà tí àwọn dókítà ń lò nìyí. Ọmọbìnrin tó pé 13 tí kókó ọyàn ò tíì yọ, tàbí tó pé 15 tí kò rí nǹkan oṣù, kó lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọkùnrin tó pé 14 tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ ṣì wà bíi ti ọmọdé, kí òun náà lọ. Jínótáìpù SS kò sún ààlà yìí síwájú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé dókítà tó mọ̀ pé SS ni ọmọ náà á mọ ibi tó yẹ kí òun kọ́kọ́ wò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó wá dúró gbọnrangandan, bíi kókó ọyàn tó yọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí nǹkan oṣù ò sì dé, tún le ju èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Bọ́lájí. Kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan, mo kàn to nọ́ńbà rẹ̀ bí wọ́n ṣe sábà máa ń rí ni. SS ni, ó ń gbé ní Ajàṣẹ́-Ìpó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 14. Ìwé màmá rẹ̀ sọ pé nígbà tó pé 12, ó ga sẹ̀ntímítà 136.5. Ní 13, ó jẹ́ 140.5. Ní 14, ó jẹ́ 145. Kílò rẹ̀ kúrò ní 31.5 sí 33 láàárín ọdún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ga. Ọdún àkọ́kọ́, 4. Ọdún kejì, 4.5. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kò dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tó wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Lórí àtẹ àjọ ìlera àgbáyé, ìlà ìsàlẹ̀ fún ọmọkùnrin ọdún 14 wà ní nǹkan bíi 148, nítorí náà Bọ́lájí wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti ń ba òbí nìyí, ibẹ̀ náà sì ni kò yẹ kí ẹ dúró sí.

Ẹ wá wo ìdílé. Bàbá rẹ̀ ga 172, màmá rẹ̀ 160. Fún ọmọkùnrin, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ fi 13 kún un, ẹ pín in sí méjì: 172 + 160 + 13 jẹ́ 345, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 172.5. Fún ọmọbìnrin, ẹ yọ 13 dípò kí ẹ fi kún un. Ohun tó jáde yìí lè fi nǹkan bíi 8.5 lọ sókè tàbí wá sílẹ̀, nítorí náà ìdílé yìí lè retí ọkùnrin tó ga láàárín 164 sí 181. Ìrètí ni o, kì í ṣe ìlérí.

Dókítà wá ní kí wọ́n ya ẹ́síréè ọwọ́ òsì rẹ̀. Àwòrán yìí ń fi hàn bí egungun ọwọ́ ti dàgbà tó, wọ́n sì ń fi í wé àwòrán àwọn ọmọ mìíràn. Èsì rẹ̀ ni pé egungun Bọ́lájí ṣì jẹ́ ti ọmọ ọdún 11 àbọ̀. Ọmọkùnrin ọdún 11 àbọ̀ sábà máa ń ga ní nǹkan bíi 146. Bọ́lájí jẹ́ 145. Lójú egungun rẹ̀, kò kúrú rárá! Aago tirẹ̀ ló ń pẹ́, ó sì ṣì ní ọdún púpọ̀ láti fi ga lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti dúró.

Ìlẹ̀kẹ̀ sọ pé kóró ẹpọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílílítà 3, ó kù díẹ̀. Àyẹ̀wò táírọ́ọ̀dù àti ti irin inú ẹ̀jẹ̀ dára. Nítorí náà, wọn ò fún un ní họ́mónù kankan. Wọ́n tún ìwọ̀n haidirọ́síyúríà rẹ̀, oògùn tó ń dín ìrora SS kù, ṣe kó bá kílò rẹ̀ mu, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dàgbà kúrò lábẹ́ ìwọ̀n oògùn tí wọ́n fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n sì ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nígbà tó padà, ó ti ga sí 147.3, kílò rẹ̀ di 35, ìlẹ̀kẹ̀ sì di mílílítà 5. Ìbàlágà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí irun kan tó yọ.

Ẹ wá yí ìtàn náà padà. Ká ní 142 ló jẹ́ ní ọdún 14, tí ó fi jẹ́ pé 1.5 péré ló fi ga láàárín ọdún kan, tó sì jẹ́ pé ó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ SS kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ kó sọ fún màmá rẹ̀ pé kó máa retí. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fà sára ń kó irin wọlé, ara kò sì ní ọ̀nà tó ń gbà dá irin tó pọ̀ jù nù. Irin yẹn lè wọ inú ẹ̀yà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pàṣẹ ìbàlágà, kó sì bà á jẹ́. Àyẹ̀wò fẹ́rítìnnì ló ń fi hàn bí irin ṣe pọ̀ tó, oògùn sì wà tó ń fa irin jáde.

Oúnjẹ

Ọmọ SS kò nílò oúnjẹ àrà ọ̀tọ̀. Èyí tó pọ̀ sí i ló nílò, kó sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí gbogbo ilé ń jẹ kò tó, ẹ fi ìjẹun kéékèèké méjì há a láàárín. Ẹ̀kọ gbígbóná lásán ń kún ikùn, kò ní agbára púpọ̀ nínú. Tó bá jẹ́ ògì lẹ máa fún un, ẹ lọ sóyà tàbí ẹ̀pà mọ́ ọn, kí ẹ sì da mílíìkì sí i. Gbẹ̀gìrì tí a ń jẹ ní Ìlọrin dára gan-an, ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n àwo tí àmàlà inú rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Ẹ yí i padà: kí ọbẹ̀ pọ̀, kí òkèlè kéré, kí epo wà nínú rẹ̀. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri, tí ẹ bá sè é tàbí tí ẹ dín in dáadáa, àti kúlíkúlí nínú àpò ilé ìwé, jẹ́ ìjẹun àárín ọjọ́ tó rọrùn.

Ẹran màlúù, ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà ni síǹkì wà nínú wọn jù. Ti ẹran máa ń rọrùn fún ara láti gbà. Ti ẹ̀wà àti ọkà, ohun kan wà nínú èèpo wọn tó ń di síǹkì mú, àmọ́ rírẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, àti kíkan ògì, ń dín agbára ohun náà kù. Nǹkan tí àwọn ìyá wa ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ wá nìyẹn. Ní ti oògùn síǹkì, nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi fún àwọn ọmọ SS tí kò tíì bàlágà ní mílígíráàmù 10 lójoojúmọ́ fún ọdún kan, wọ́n ga ju àwọn tí kò lò ó lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ọ̀hún kò tó sẹ̀ntímítà kan. Ó wúlò, kì í ṣe idán. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà, torí síǹkì tó bá pọ̀ jù ń rú inú, ó sì ń lé kọ́pà tí ẹ̀jẹ̀ ń lò jáde. Fọ́líìkì ásíìdì ń ran ṣíṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má dá a dúró, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mú ọmọ ga.

Ìgbà tí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni àǹfààní tó pọ̀ jù. Ebi máa ń pa á nígbà náà, nítorí náà ẹ fi oúnjẹ kan kún ti tẹ́lẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó lè gba èyí tó sọnù padà. Bí oúnjẹ bá ń ṣiṣẹ́, òṣùwọ̀n á sọ ọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, kí gíga tó sọ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ wà níbí, a ò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọ tó ń pẹ́ máa ń fẹ́ gba ààwẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ, torí ó fẹ́ fi hàn pé òun náà ti dàgbà. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè tọ́jú omi pamọ́, nítorí náà ọjọ́ kan láìmu omi lè fa ìrora wá. Ẹ̀sìn ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Àlùfáà tó mọ ilé yín sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ wọn á wọ̀ ọ́ létí ju tiyín lọ.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀

Oògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń mú ènìyàn sanra. Dẹ́sámẹ́tásóònù ló sábà ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn àléájì kan tó ń mú ebi pa ènìyàn. Ojú ọmọ á wú, àwọn ará ilé á sì máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dẹ́sámẹ́tásóònù ń dá egungun dúró, kò ní jẹ́ kó gùn, àti pé lára SS, ìrora ńlá lè tẹ̀ lé e nígbà tí ẹ bá dá a dúró. Tó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ẹ lọ bá dókítà.

Abẹ́rẹ́ họ́mónù ọkùnrin láti kẹ́míìsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun á yọ, ohùn á ki, inú gbogbo yín á dùn. Tó bá pọ̀ jù, á ti egungun pa ṣáájú àkókò, ọmọ náà á sì parí sí kúkúrú. Ó tún lè fa kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ le, kó kọ̀ láti rọ̀, èyí tí ọmọ SS ti wà nínú ewu rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin náà, láìsí àyẹ̀wò tó sọ pé irin rẹ̀ kéré, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tí kì í ṣe ẹ̀bi SS

Yàtọ̀ sí gíga tí kò tó 4 lọ́dún àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ohun mélòó kan wà tí òbí nìkan lè rí, torí ilé ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń hanrun lálaalẹ́, tó ń la ẹnu sùn, bóyá bẹ́lúbẹ́lú ọ̀fun rẹ̀ ti wú débi tí kì í fi í mí dáadáa. Ó wọ́pọ̀ lára SS, ó sì ń dá ọmọ dúró. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ le lápá òsì lábẹ́ ìhà, tó sì ń funfun lójú ṣáá, ẹ̀yà tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lè ti wú, kó máa jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ikọ́ tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ pẹ̀lú òógùn òru, ẹ ro ikọ́ fée. Orífífọ́ òwúrọ̀ pẹ̀lú èébì, tàbí ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì.

Ọ̀kan wà tí kì í sí ẹni tó ń béèrè rẹ̀: ṣé ó ń gbóòórùn? Ẹ di ojú rẹ̀, kí ẹ gbé irú sún mọ́ imú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ibi tó ń pàṣẹ ìbàlágà àti ibi tó ń gbóòórùn kò dàgbà nínú orí wọn láti inú oyún. Tí ọmọ ọdún 14 kò bá mọ òórùn irú, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Nílé ìwòsàn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gúúsù Kwara, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí yín, kí ẹ gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé. Ẹ mú ìwé ìwọ̀n dání. Ẹ kọ gíga bàbá àti ti màmá sínú rẹ̀, ọjọ́ orí tí màmá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, àti bóyá bàbá náà pẹ́ kó tó ga, torí àwọn ìdílé kan wà tí pípẹ́ ń rìn nínú wọn, yàtọ̀ sí SS. Ẹ kọ ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, bí ẹ bá lè rántí, àti gbogbo oògùn, títí kan àgbo.

Ẹ béèrè fún ẹ́síréè ọwọ́ òsì tí wọn ò bá dárúkọ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọn á sábà wo táírọ́ọ̀dù, kíndìnrín, fẹ́rítìnnì àti àwọn họ́mónù ìbàlágà. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin dá wà pẹ̀lú dókítà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, torí ó lè ti ní nǹkan ọkùnrin tó ń le tó sì ń dùn ún lóru láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó ronú họ́mónù. Fún àwọn kan, wọ́n máa ń fún wọn ní họ́mónù kékeré fún oṣù bíi mẹ́ta sí mẹ́fà láti fi ta ara jí, wọ́n sì ń wọ̀n wọ́n lemọ́lemọ́ kí egungun má bàa dì.

Haidirọ́síyúríà ń ba ọ̀pọ̀ òbí lẹ́rù pé á dá ọmọ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò dí gíga tàbí ìbàlágà lọ́wọ́, dídín tó ń dín ìrora kù sì ń jẹ́ kí ọmọ jẹun fún ọjọ́ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó lè dín àtọ̀ kù fún ọkùnrin nígbà tó bá ń lò ó, kí ẹ sì bá dókítà sọ èyí bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

Tí àyẹ̀wò bá dára, tó sì ń ga ju 4 lọ́dún, ẹ lè máa wọn ún kí ẹ sì máa retí. Ìrètí náà ní òpin. Ọmọbìnrin tó pé 15 tàbí ọmọkùnrin tó pé 16 tí àmì àkọ́kọ́ ò tíì yọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín sí dókítà họ́mónù, bí ìwé ìwọ̀n yín tilẹ̀ dára. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ máa rán an níṣẹ́, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé bó ṣe rí lójú. Ọmọ ọdún 14 tí gbogbo ilé ń bá sọ̀rọ̀ bíi ti ọmọ 10 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ kẹ́míìsì fúnra rẹ̀.